Ìwé Ìyá Aránṣọ Tí Mo Fa Bíírò Pupa Lé

Inú ń bí mi síbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìdajì ìbínú náà, èmi fúnra mi ló kàn.

Ilé kéwú àwọn obìnrin tí mò ń sọ wà ní àdúgbò Fate, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kan. Àràárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè la máa ń pàdé. Kíláàsì kejì girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti parí ìpele àkọ́kọ́ nílé kéwú, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì já geere. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fún mi níṣẹ́ kéékèèké, kí n kọ orúkọ, kí n pín ìwé. Mi ò lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní nǹkan, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ùsítáàsì wa jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń kàwé ní yunifásítì ní Malete, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ wá kọ́ wa. Lọ́jọ́ tí àwọn ìpele àkọ́kọ́ ṣe ìdánwò tán, ó ní òun náà ní ìdánwò lọ́dọ̀ tiwọn, ó kó ìwé wọn fún mi, ó fi bíírò pupa kan àti ìdáhùn tó kọ sílẹ̀ lé e. Gbólóhùn mẹ́wàá ni, láti Lárúbáwá sí Yorùbá. Ẹni tó bá gba mẹ́fà á bọ́ sí ìpele kejì. Ẹni tí kò bá gbà á á tún un ṣe.

Mo wo ìdáhùn náà. Abẹ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ló kọ Yorùbá rẹ̀ sí, bó ṣe tò wọ́n ni ó ṣe fi sílẹ̀. Bí Bàbá Alfa tó ni ilé kéwú ṣe ń kọ́ wa náà nìyẹn. Bàbá á pe ọ̀rọ̀ kan, á dúró, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀, a ó gbà á lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà á pe òmíràn. Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń mọ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Lárúbáwá sábà máa ń sọ ohun tí wọ́n ṣe kí ó tó sọ ẹni tó ṣe é, ó sì máa ń fi iye ṣáájú nǹkan. Ìyá tó ra ìwé mẹ́ta, nínú ìdáhùn Ùsítáàsì, ó di: "Ó rà, ìyá náà, mẹ́ta, ìwé." Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn nínú ilé?

Mo ń máàkì lọ títí mo fi dé orí ìwé Ìyá Aránṣọ. Obìnrin yìí dàgbà ju ìyá mi lọ. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ló ní létí títì, ó sì máa ń ṣí ìwé kéwú sórí tábìlì ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó ń rán. Ó ti ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan, kò yege. Ó ti sọ fún gbogbo wa pé bí òun bá tún fìdí rẹmi, òun ò ní jókòó mọ́ láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí àbígbẹ̀yìn òun.

"Ìyá náà ra ìwé mẹ́ta." Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Kò sí ohun tó fò. Mẹ́sàn-án ló tọ́ nínú mẹ́wàá rẹ̀, torí ẹyọ kan ló ti gbàgbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Mẹ́ta péré ló sì bá ti Ùsítáàsì mu ní títò.

Mo pe Ùsítáàsì lórí fóònù. Mo ní ìtumọ̀ ìyá yìí dáa o, pé ibi tó fi ọ̀rọ̀ sí nìkan ló yàtọ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Sìsítà, ta ló sọ ọ́ di alákàálí tó ń dájọ́? Máàkì ni mo ní kí o ṣe. Wo ìdáhùn, wo ìwé, bí kò bá bára mu, fà á."

Mo fà á. Ìgbà mẹ́fà ni mo fa ìlà pupa lé ohun tí mo mọ̀ pé ó tọ́. Mo kọ mẹ́ta sókè ìwé náà.

Nígbà tí wọ́n ka èsì, ọmọbìnrin kan tó máa ń há gbogbo nǹkan sórí gba mẹ́wàá. Ìyá Aránṣọ gba ìwé tirẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní pé pupa tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju òwú pupa tí òun fi ń rán aṣọ ìyàwó lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó kí wa pé ó dìgbóṣe, ó sì lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Ní Sọ́ńdè, mo mú ìwé rẹ̀ tó fi sílẹ̀, mo yá ìwé ọmọ tó gba mẹ́wàá, mo lọ bá Bàbá Alfa nínú ọgbà ilé rẹ̀. Mo kàn tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀, mo fi ìka sí gbólóhùn kẹsàn-án.

Nínú gbólóhùn yẹn, "bi léèrè" ló ṣáájú, "olùkọ́" tẹ̀ lé e, "akẹ́kọ̀ọ́" ló kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àmì tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ló ń fi ẹni tó ṣe nǹkan hàn, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì gbé àmì yẹn. Ìyá Aránṣọ kọ ọ́ pé, "Akẹ́kọ̀ọ́ náà bi olùkọ́ náà léèrè." Mo ti fà á. Ọmọ tó gba mẹ́wàá kọ ọ́ pé, "Ó bi í léèrè, olùkọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ náà." Èyí ni mo kọ "dáa" sí.

Bàbá Alfa kà á pẹ́. Ó ránṣẹ́ pe Ùsítáàsì, ó ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ó bi ọmọ náà jẹ́jẹ́ pé, nínú ohun tí ó kọ yìí, ta ló béèrè?

"Olùkọ́ ni, Bàbá."

Bàbá yíjú sí Ùsítáàsì. Ùsítáàsì ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn, pé ọ̀nà Bàbá ni òun tẹ̀ lé.

"Ọ̀nà tí mo fi ń bá ọ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn," ni Bàbá wí. "Nígbà tí mo bá ń wàásù, tí mo túmọ̀ àyà Àlùkùránì fáwọn èèyàn, ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tò ó fún wọn?"

Ó ní kí a tún gbogbo ìwé náà máàkì, kí a wò ó bóyá ìtumọ̀ pé. Ìyá Aránṣọ gba mẹ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, níwájú gbogbo kíláàsì, Ùsítáàsì sọ pé àṣìṣe wáyé níbi máàkì, pé sìsítà tó máàkì kò fara balẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo dìde. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fà á. Mo sọ fún yín lórí fóònù pé ó dáa. Èmi náà mọ̀, mo sì fà á."

Mo jókòó. Ùsítáàsì ṣí ìwé rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ bíi pé n kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn kíláàsì mo mú ìwé ìdánwò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ. Ó pa ẹ̀rọ, ó ka mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ sórí mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀, mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un, títí kan ìlà mẹ́fà náà.

"O mọ̀ pé ó tọ́ nígbà tí o ń fà á?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

Ó ní kí n dìde nílẹ̀, pé eruku ibẹ̀ á ba aṣọ mi jẹ́. Kò sọ pé òun ti forí jì mí, n kò sì lè bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́.

Ní Sọ́ńdè, ó wọ kíláàsì ìpele kejì, ó jókòó síwájú. Mo kí i, ó dá mi lóhùn. Nígbà tí mo na ọwọ́ láti gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kí n bá a kó o pẹ̀lú tàwọn yòókù, ó ní rárá, òun á gbé e lọ fún Bàbá Alfa fúnra òun.