Àpótí Tó Ń Sún Lọ sí Ẹnu Ọ̀nà

Ọmọ mi àkọ́kọ́ ló tàn mí jẹ. Obìnrin ni. Nígbà tó pé oṣù méje, mo wẹ̀ ẹ́, mo fún un lọ́mú, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ, mo ní ó dàárọ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kìíní, ó ké fún ogójì ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó kàn ń kùn bí àlejò tí wọ́n bu ẹran kékeré fún ni, ó sì sùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba àwọn abiyamọ nímọ̀ràn, bí wọ́n bèèrè, bí wọn ò bèèrè. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Ìdí-Àràbà, ẹnu wa kì í sinmi.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo bí ọkùnrin. Ti èyí yàtọ̀. Ẹ̀yìn mi tàbí ọmú nìkan ló mọ̀ pé wọ́n ń sùn sí. Bí mo bá tú ọ̀já báyìí, ojú rẹ̀ á là gbòò. Bàbá rẹ̀ á gbé e, á jó fún un, á ṣe bí ewúrẹ́, á ṣe bí ọkọ̀ ojú irin, igbe ni. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ, ó sì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n yàn fún mi, èyí tá à ń parí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jáde. Opó ni, Mushin ló ń gbé, ó ti ta bọ́tìnnì àti òwú fún àwọn télọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó wá kí wa ní Surulere lọ́jọ́ Àìkú kan, ó rí bí ọmọ ṣe ń fi orí gbá bàbá rẹ̀ láyà.

Ó ní, "Ìyàwó, bí kò bá lè sùn láìsí ẹ, ta ló máa tẹ́ ẹ bó o bá lọ síbi iṣẹ́? Jẹ́ kí n máa gbé e lọ sí Mushin. Ẹ̀yin á máa wá wò ó ní Sátidé."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó dùn mí wọra. Mi ò fẹ́ kí ọmọ tí mo bí di ẹni tí mò ń bẹ̀ wò ní Sátidé bí aláìsàn.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ibi iṣẹ́ wa, obìnrin kan tó ti tọ́ ọmọ márùn-ún. Ó kọ́kọ́ ní kí dókítà yẹ etí ọmọ wò, kí wọ́n wọn bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Nígbà tí a rí i pé ara rẹ̀ le, ó jókòó tì mí.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ló wí. "Ọ̀nà ilẹ̀kùn wà, èyí tó o fi ṣe ti àkọ́kọ́. O tì í, o ò wọlé mọ́ àfi bí nǹkan bá ṣe é. Ìyẹn ló yá jù, òun náà ló le jù fún òbí. Igbe yẹn sì lè ga sí i kó tó rọlẹ̀. Bó o bá wá wọlé lọ gbé e nígbà tó ké dé góńgó, o ti kọ́ ọ pé góńgó ni kó máa ké dé nìyẹn."

"Èkejì ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ọ̀nà aago. O jáde, o wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn márùn-ún, lẹ́yìn mẹ́wàá. O fọwọ́ bà á, o bá a sọ gbólóhùn kan, o jáde láìgbé e. Àwọn ọmọ kan wà tí ojú rẹ tí wọ́n rí yẹn á tù wọ́n nínú. Àwọn mìíràn sì wà, bí wọ́n bá rí ẹ tó o tún ń lọ, epo lo bù sínà yẹn. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà àga. O jókòó tì í títí á fi sùn, o wá ń sún àga sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, títí wàá fi bọ́ síta. Ìyẹn dáa fún ọmọ tí ẹ̀rù ìyapa máa ń bà. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ tó bá fẹ́ràn eré á sì rò pé o wá bá òun ṣeré ni. Irú ọmọ wo lo bí?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni, bíi ti àkọ́kọ́."

Ó wò mí lójú. Ó yẹ kí n ti gbọ́ ohun tí ojú yẹn ń wí.

Ọ̀nà ilẹ̀kùn ni mo gbá mú, torí mo mọ̀ ọ́n. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tì í lọ́jọ́ kìíní. Ó ké fún wákàtí kan, ó bì gbogbo oúnjẹ tó jẹ. Mo wọlé, mo nù ún, mo pààrọ̀ aṣọ, mo tún tẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kejì ó tún bì. Ìyá onílé wa kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ìyá ọmọ, ṣé kò sí o?" Ọkọ ayálégbé ìsàlẹ̀ náà gòkè wá wò ó bóyá wọ́n ń na ọmọ. Ní àdúgbò wa, ọmọ tó bá ń ké, ti gbogbo ilé ni. Ẹ gbọ́, gbogbo wa la mọ òwe tó ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ọmọ mi gbà bẹ́ẹ̀. Òun kò ṣáà fẹ́ sùn ni.

Lọ́jọ́ kẹta mo yí sí ọ̀nà aago. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mò ń ka ìṣẹ́jú. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé, á dì mọ́ ìró mi, á wò mí lójú bí ẹni tí mo gbàgbé sí ibùdókọ̀. Bí mo bá ti jáde, igbe tuntun á bẹ̀rẹ̀, èyí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ mẹ́rin. Ní alẹ́ kẹrin, ìgbà tó ké dé wákàtí kan ó lé, gbogbo ilé kàn parọ́rọ́. Mo yọjú. Ó ti sùn, èémí rẹ̀ ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àsìkò náà gan-an ni àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá ọkọ mi wọlé: "Ọmọ ńkọ́?" Inú mi dùn débi pé mi ò ronú. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Ó ti dákẹ́, Màmá." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo fọ aṣọ ọmọ, mo wá lọ wẹ̀.

Ayálégbé ilé Màmá ní Mushin ló kà á fún un, torí pé kò rí jígí ojú rẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí Yorùbá ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní ẹnì kan ti dákẹ́. Ọṣẹ ṣì wà létí mi nígbà tí mo gbọ́ ariwo lórí àtẹ̀gùn. Màmá ń ké "Lá ìláhà", ìborùn rẹ̀ wà lọ́rùn, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu. Kẹ̀kẹ́ márúwá ló gbé e wá láti Mushin, awakọ̀ sì tẹ̀ lé e gòkè, òun náà ń sunkún. Màmá já wọ yàrá, ó gbá ọmọ mú, ọmọ jí, ó figbe ta. Nígbà tó gbọ́ igbe yẹn ló tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó sùn ni, Màmá! Ó sùn ni mo ní lọ́kàn!"

"Kí ló dé tí o ò kọ 'ó sùn'?"

A bẹ awakọ̀, ọkọ mi fún un ní omi. Ìgbà tó yá ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, a rín títí omi fi bọ́ lójú wa. Màmá ti pọn ọmọ, ó ti sùn sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ sínú omi.

Nínú kíṣìnnì ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mi orí.

"Bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyí. Bó bá ké, á bì. Kì í ṣe agídí, nǹkan máa ń dùn ún ju bó ṣe ń dun ẹlòmíràn lọ ni. Orí àpótí ni mo máa ń jókòó sí tì í, màá máa rán bọ́tìnnì mọ́ páálí. Mi ò ní wò ó. Bó bá ti mọ́ ọn lára, màá sún àpótí díẹ̀."

Ọ̀nà àga tí nọ́ọ̀sì àgbà ń fi ojú sọ fún mi nìyẹn, ó ti wà nílé Mushin láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ojú tì mí. Mo bẹ Màmá kó dúró tì wá, ó gbà. Mo ní àdéhùn kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n sùn, lọ́sàn-án tàbí lálẹ́. Ó ní Ọlọ́run á fún òun ní sùúrù.

Láàárín Màgàríbì àti Ìṣáì la máa ń tẹ́ ẹ. Alẹ́ mẹ́ta, àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi wà láyà rẹ̀. Ó ké, ṣùgbọ́n igbe ẹni tó ń ṣàròyé fún ẹni tó ń gbọ́ ni, kò sì bì. Alẹ́ mẹ́ta sí i, kò sí ọwọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà àárín yàrá. Àkọ́kọ́ mi ì bá ti sọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ di ọjà, á máa pè mí, á máa sọ bọ́ọ̀lù sí mi. Àbúrò rẹ̀ kàn fẹ́ mọ̀ pé mo wà ńbẹ̀ ni. Ọkọ mi jókòó, Màmá jókòó, à ń gbà á fún ara wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan ṣàdédé bàjẹ́. Ọmọ ń nawọ́ sí ẹ̀yìn wa, ó ń ké bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Mo padà dé láti Ọ̀yìngbò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá Màmá ní bákónì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn fọnfọn. Ọjọ́ kẹta tó ti ń ṣe é nìyẹn. Inú bí mi, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ìyàwó ilé sọ. Mo ní bó bá wù wọ́n kí ọmọ má lè sùn, kí wọ́n wí.

Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ fún mi.

"Mo ti kun yàrá fún un ní Mushin," ló wí. "Mo ti ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Má bínú."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé èmi nìkan kọ́ ni ọmọ fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin torí pé ìkúnlẹ̀ kò tó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òun ló ní òun máa jókòó. Mo yọjú wò ó. Ó ti jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí àpótí.

Ọjọ́ méjì la fi rí ohun tí ọjọ́ mẹ́ta bàjẹ́ tún ṣe. Àpótí dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sí kọ́rídọ̀. Ọjọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́, gbogbo wákàtí ni mò ń wo fóònù. Ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan.

Aago mẹ́wàá kù díẹ̀ ni mo wọlé. Ọkọ mi na ìka mẹ́jọ sókè: ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni ọmọ fi sùn. Mo wọ yàrá, ọmọ sùn, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹni tó ni ilé. Ayọ̀ mi pọ̀, ó sì tún dùn mí pé kò wá mi.

Màmá wà ní pálọ̀, ó ń ká aṣọ sínú báàgì.

Mo ní, "Màmá, ẹ má tíì lọ. Ẹ wà pẹ̀lú wa. Ó ti lè sùn báyìí."

Ó tẹ aṣọ kan mọ́lẹ̀, ó fa síìpù.

"Ìyẹn ni mo ṣe ń lọ," ló wí. "Bí mo bá dúró, màá pọ̀n ọ́n."