Ìbéèrè Tí A Bi Àwọn Ọmọ Nípa Ọ̀nà Máìlì Tú

Ẹ̀yìn tírélà kan ni mo wà nígbà tí mo mọ̀ pé ikú wà lójú ọ̀nà wa. Mo fẹ́ sọdá lọ wọ bọ́ọ̀sì Máìlì Tú. Ọkọ̀ náà kò fun fèrè, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà ló fa aṣọ mi. Mo ṣubú, orúnkún mi bó, mo sì yè. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n ń bọ̀ wá gba ibi kan náà.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ẹ̀sìtéètì Festac, ọdún tí àwọn èèyàn ṣì ń kó ẹrù wọ ilé tuntun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ńlá, àyà mi á já. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń sọdá, kí wọ́n wá jókòó síwájú ìpàdé àwọn òbí, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè. Ẹnjiníà tó ń bójú tó ọ̀nà ẹ̀sìtéètì náà yóò wà níbẹ̀. Èmi ni yóò kọ àwọn ìbéèrè.

Nígbà tí mo kọ àwọn ìbéèrè náà tán, mo mú ìwé mi lọ bá ìyá kan tó ń kọ́ jiọ́gíráfì, tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí àti nínú iṣẹ́. Ó ka èyí àkọ́kọ́ sókè: “Ṣé ẹ ò rí i pé àwọn awakọ̀ tírélà ni wọ́n fẹ́ pa yín?”

Ó wò mí. “Ọ̀gá tíṣà, ìdáhùn lẹ kọ síbí, ẹ wá fi àmì ìbéèrè sí i nídìí.”

“Òótọ́ kọ́ ni, mà?”

“Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló máa sọ fún tíṣà ẹ̀ pé rárá?” Ó yí ìwé náà. “Èyí ńkọ́? ‘Ṣé ẹ máa ń gba ibi tó yẹ sọdá, ṣé ẹ sì máa ń wo ọ̀tún àti òsì?’ Ó dáa. Ṣé ẹ ti jẹun, ṣé ẹ sì ti gbàgbé tírélà?”

“Mo ti jẹun, mà, ṣùgbọ́n…”

“Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ni mo fẹ́ o!”

A jọ rẹ́rìn-ín. Èmi tí n kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí mo ṣubú.

Ìbéèrè kẹta ni “Kí lẹ rò nípa ọ̀nà?” Ó pe ọmọbìnrin kan lára àwọn mẹ́rin náà, ó bi í. Ọmọ náà ní, “Ọ̀nà dára, mà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí i ni.” Mo gba ìwé mi, mo padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹnjiníà náà ti sọ kí àwọn ọmọ tó sọ̀rọ̀ pé àìgbọràn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, pé a ti ṣe ibi ìsọdá fún wọn. Bàbá kan dìde, ó nawọ́ sí àwọn ọmọ: “Ṣé ẹ ò rí i pé àwọn awakọ̀ yìí ń mutí, tí ìjọba ò sì bìkítà?” Àwọn ọmọ ń wojú ẹnjiníà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ìyá jiọ́gíráfì sọ, “ìbéèrè méjì lẹ so pọ̀ yẹn, ẹ sì ti dáhùn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí nǹkan sọ.”

“Ah, tíṣà! Mo jókòó.” Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Mo dìde. Mo bi wọ́n pé, “Níbo gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbà sọdá?”

“Ẹ̀yìn ibi tí tírélà ń dúró sí, sà,” ọmọbìnrin náà dáhùn.

“Kí lẹ rí ní ibi ìsọdá tí wọ́n ṣe?”

“Gọ́tà ni, sà. Kọnkéré tí wọ́n fi bò ó ti já sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ńlá ń fò ó. Àwọn kékeré ò lè fò ó, wọ́n á wá yí lọ sẹ́yìn tírélà.”

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Gọ́tà kò sí nínú ọ̀kankan lára àwọn ìbéèrè mi àkọ́kọ́. Ká ní àwọn ìbéèrè yẹn la bi wọ́n ni, tírélà nìkan là bá gbọ́. Ẹnjiníà yọ bírò. “Ọmọ mi, apá ọ̀tún ni àbí apá òsì?” Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn, torí mo rí i pé ó fẹ́ mọ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bo gọ́tà náà. Àwọn tírélà ṣì ń dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, n kò sì fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lé wọn kúrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà àti ọmọ tó sọ ohun tó rí. Lọ́jọ́ tí tírélà tó kẹ́yìn lọ, mo gba ibi ìsọdá náà lọ, mo sì gba ibẹ̀ padà. N kò ní nǹkan kan í ṣe ní òdìkejì.