Èsì Tí Kò Ní Ọjọ́ Àbọ̀

Arábìnrin Àjíbíkẹ́ Ògúnkànmí ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí tábìlì kan náà, ní yàrá àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera aládàáni kan ní Ìbàfò. Òun ló mọ ibi tí ìwé gbogbo ẹni tó jáde níbẹ̀ wà. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í gba rìbá, kò gbé fáìlì kankan sọnù rí. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀lẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣe, ọ̀lẹ kọ́ ló ṣe é.

Ní òpin oṣù kẹwàá, Jọmílójú ọmọ rẹ̀ bímọ ní Arepo. Ìyá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lọ wẹ ọmọ. Kó tó lọ, ó tan èsì tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí ímeèlì iṣẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ohun tó sọ nìyí: "Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Mi ò sí lórí ìjókòó. N ó dá yín lóhùn nígbà tí mo bá dé. Ọlọ́run á bùkún yín."

Kò sí ọjọ́ níbẹ̀. Kò sí orúkọ ẹlòmíràn.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, Sàúdátù wọlé tọ̀ wá. Ìfọ̀ ló ti wá; ó ti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ilé ìwòsàn kan lókè òkun sì ti gbà á síṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ló kù kí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò jókòó. Ó na fóònù rẹ̀ sí Ọ̀gbẹ́ni Láwàlì, igbákejì ìyá, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ wò ó, sà. Èsì yìí ni wọ́n ń rí gbà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí àdírẹ́sì ìyá. Wọ́n ti sọ fún Sàúdátù pé àwọn á kọ ìkẹta láàárọ̀ ọ̀la, ìyẹn Ọjọ́bọ̀. Bí ó bá tún jẹ́ èsì yẹn náà, wọ́n á pa fáìlì rẹ̀ dé.

"Èmi fúnra mi á kọ̀wé sí wọn nísinsìnyí," Láwàlì wí.

"Wọn ò ní gbà á, sà. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ẹni tí àdírẹ́sì yẹn ò bá dárúkọ, àwọn ò mọ̀ ọ́n."

Láwàlì pe ìyá. Fóònù dún títí, kò gbé e. A wọkọ̀ lọ sí Arepo, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá ń gbé omi ìwẹ̀ ọmọ sílẹ̀ nígbà tí a wọlé. Láwàlì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, Sàúdátù kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, mà."

"Ẹ ṣeun. Ta ló kú ní ọ́fíìsì?"

Láwàlì ṣàlàyé. Ìyá gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n èmi kì í sọ ọjọ́ àbọ̀ mi fáráyé. Ìyá mi ò sọ ọ́ rí. Ẹni tó bá ń lọ, ẹ jẹ́ kó lọ, kó dé tán ká tó kí i káàbọ̀. Ẹ ò mọ ẹni tó ń ka lẹ́tà yẹn."

"Àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò ni wọ́n ń kà á, mà," mo ní.

"Dáníẹ́lì, ẹnu rẹ mú jù."

"Ọjọ́ tí ẹ máa pa dà sídìí tábìlì la fẹ́, mà. Ẹni kankan ò bèèrè ọ̀nà tí ẹ máa gbà."

Jọmílójú rẹ́rìn-ín láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Mọ́mì, gbogbo ilé ìjọsìn ló ti mọ̀ pé ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ máa pa dà. Ẹ̀yin lẹ kéde rẹ̀ níbi ìdúpẹ́."

Ìyá wojú ọmọ rẹ̀, ó wojú ògiri. Ó mú fóònù. Ó ṣí ímeèlì, ó wọ ibi ètò, ó tẹ orúkọ àdírẹ́sì iṣẹ́ rẹ̀, ó dé ibi èsì ìgbà ìsinmi. Mo rí i pé kò kọ ọjọ́ ìkẹyìn kankan síbẹ̀: bí kì í bá ṣe pé a wá, èsì yẹn ì bá máa lọ lẹ́yìn tó bá ti pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ọjọ́ kẹrìndínlógún síbẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Ó fi hàn wá: òun á pa dà ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, kó pe nọ́ńbà ọ́fíìsì.

Mo pe nọ́ńbà náà lójú wọn, mo sì jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ó dún títí ó fi já. Mo tún pè. Ó tún já.

"Yàrá ìgbàlejò ni fóònù yẹn wà, mà. Ẹni tó ń gbé e ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹfà. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ ké. Ìyá kò wojú mi. Láwàlì ló ń wò.

"Kí n kọ orúkọ tìẹ síbẹ̀, àbí? Kí wọ́n máa kọ̀wé sí ọ, kí n tó dé kí ìjókòó ti gbóná lábẹ́ ẹ?"

"Mà, ìjókòó yín ò gbà mí," Láwàlì ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀."

Jọmílójú tún rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

Sàúdátù ṣì kúnlẹ̀. "Mà, ọdún márùn-ún ni mo fi wá iṣẹ́ yìí. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún."

Ó pẹ́ kí ìyá tó fọwọ́ kan fóònù. Ó pa nọ́ńbà ọ́fíìsì rẹ́. Ó kọ orúkọ Láwàlì, ohun tó ń ṣe níbẹ̀, àdírẹ́sì ímeèlì iṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé Láwàlì ló ń fìdí ìwé ẹ̀rí múlẹ̀ títí òun á fi dé. Ó fi pamọ́.

"Wọ́n ti gba ti àkọ́kọ́," Sàúdátù ní. "Ṣé ẹ̀rọ á tún fi tuntun ránṣẹ́ sí wọn?"

"Bí wọ́n bá tún kọ̀wé," mo dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ kì í fi èsì kan náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan náà léraléra láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti tún ọ̀rọ̀ kọ, á kà á sí ìbẹ̀rẹ̀ tuntun."

Mo kọ ímeèlì sí ìyá láti orí fóònù mi. Èsì náà wọlé kí n tó ka ogún. Ọjọ́ wà níbẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Sàúdátù wà ní ọ́fíìsì kí a tó ṣílẹ̀kùn. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Aago mẹ́wàá kọjá. Láwàlì ti gbé rẹ́jísítà ọdún tí Sàúdátù jáde sórí tábìlì, ó ṣí i sí ojú ewé tí orúkọ rẹ̀ wà, kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ímeèlì wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀: àwọn ti rí orúkọ rẹ̀ nínú èsì Arábìnrin Ògúnkànmí, ṣé ó lè dáhùn ìbéèrè mẹ́fà? Ó dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ rẹ́jísítà, Sàúdátù ń wo ìka náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kọ̀wé pé ìwé ẹ̀rí Sàúdátù dájú. Ó pe Láwàlì, ó ń sunkún lórí fóònù. Láwàlì ní kó pe ìyá náà, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pè é. Mi ò rò pé ó yẹ kó pè é.