Oògùn Kẹrin àti Àyà Tàjùdíìnì

"Màmá, kí ló lè mú ọkùnrin máa fi aṣọ bo àyà fún ìyàwó tó ti bímọ márùn-ún fún un?"

Ìdíátù, ìyàwó àbúrò mi, ló bi mí ní ìbéèrè yìí ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Lagos Town, ní Accra. Aṣọ ni a jọ ń sá. Mo mọ̀ pé ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn kí ó tó bi mí.

"Ó ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sùn," ó ní. "Nínú ooru Accra yìí! Bí mo bá fọwọ́ kàn án, á ta gìrì bí ẹni tí iná jó. Bó bá jẹ́ pé obìnrin kan ló ti fi èékánná ya á láyà, kó kúkú sọ, kí n mọ irú ológbò tí a jọ ń jẹun."

"Fi ológbò sílẹ̀ ná," mo ní. "Màá bá a sọ̀rọ̀."

Tàjùdíìnì Àkànbí ni ìyá wa bí tẹ̀ lé mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa ti wá. Accra ni wọ́n bí àwa sí. Ọṣẹ ni Tàjù ń tà ní Lapaz: ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ tí wọ́n ń gé, ọṣẹ dúdú inú ike, ọṣẹ ìwẹ̀ olóòórùn. Ọṣẹ dúdú wa yìí ni àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Nítorí náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pe àbúrò mi ní Samina, ó sì ń jẹ́ ẹ. Kì í pariwo pe oníbàárà. Bí o bá ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kí ó tó wé e fún ọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wàhálà rẹ̀. Òun náà ló pa bàbá wa. Ó dé bá bàbá wa lórí ẹní ìkírun, ẹnu rẹ̀ yí, ó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ láìlè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ kankan. Tàjù ló ń gbé e lọ wẹ̀. Kò sí ohun tí ó bà á lẹ́rù tó ìyẹn.

Kì í ṣe pé kì í lo oògùn. Oògùn mẹ́ta ni ó ń lò: amlodipíìnì, losátàànì, àti èyí tí ń mú un tọ̀. Dókítà ti gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ìwọ̀n tó ga jù, síbẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò ní àádọ́sàn-án lórí ọgọ́rùn-ún. Dókítà náà, Akuetteh, ọmọ Ga tí ń rọra sọ̀rọ̀, kò sáré kọ oògùn mìíràn. Ó bi Ìdíátù bóyá ọkọ rẹ̀ ń gbé oògùn mì lóòótọ́. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹ kóòbì sí, ẹja oníyọ̀ yẹn. Ó béèrè nípa oògùn ìrora tí Tàjù ń rà lẹ́bàá ọ̀nà fún orúnkún rẹ̀, ó ní irú wọn a máa gbé ìfúnpá ènìyàn sókè, kí ó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa wọn ìfúnpá rẹ̀ nílé. Ó yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò. Nígbà tí gbogbo èyí pé, tí ìfúnpá náà kò wá sílẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó ya alágídí ni, ó sì fi oògùn kẹrin kún un. Sipironoláktóònù ni orúkọ rẹ̀, ẹyọ kékeré kan lóòjọ́.

Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí dókítà ṣàlàyé fún mi, nítorí n kì í gbé ohun tí n kò mọ̀ wọlé. Ó ní ẹ̀yà ara kékeré kan wà lórí kíndìnrín, ó ń tú omi-ara kan jáde tí ń pàṣẹ fún kíndìnrín pé kí ó di iyọ̀ mú, omi a sì tẹ̀ lé iyọ̀. Lára ọ̀pọ̀ alágídí bẹ́ẹ̀, àṣẹ yẹn ló pọ̀ jù. Oògùn kẹrin yìí ni yóò dínà fún àṣẹ náà.

"Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ti ń jáde," ó ní, "pọ̀tásíọ̀mù yóò máa dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Losátàànì náà a máa dá a dúró. Bí ó bá pọ̀ jù, ọkàn lè ṣe ségesège, kí ó dúró, láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ fún wa. Ẹ ó wá kí a gbà á yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bó bá dáa lónìí, ìyẹn ò ní kó dáa lọ́la."

Tàjù ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ dáa, èkejì dáa. Ìfúnpá náà sì wá sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kọ iye tó dín ní ogóje lórí ọgọ́rin àti díẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ìdíátù tún wọ̀n ọ́n. Bákan náà ni. Mo rí àbúrò mi tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ìgbà tí Iléyá dé ni nǹkan dàrú.

Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Accra, ọ̀dọ̀ Bàbá Ọláṣẹ̀hìndé ní Darkuman ni a máa ń kí ọdún sí. Òun ni àgbà wa. Nígbà tí bàbá wa ṣubú, òun ló mú Tàjù sọ́dọ̀, tó kọ́ ọ ní òwò ọṣẹ. Gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, yóò fi àyà kan sìmẹ́ńtì, Bàbá á sì fi ìrùkẹ̀rẹ̀ kàn án lẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, Tàjù wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì dìde.

Gbogbo pálọ̀ wò ó.

"Tàjù, ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?" Bàbá béèrè.

"Rárá, Bàbá. Ẹ kú ọdún o."

"Orúnkún ńkọ́?"

"Ó ti dáa, Bàbá."

"Háà. Ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ní àwọn kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹlẹ́ran ara. Irùngbọ̀n ló kù. Ẹ bá mi wo àgbọ̀n rẹ̀, ṣé ó ti ń hù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo tọ́ ọ, ò ń bẹ̀rẹ̀ fún mi bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́."

Tàjù jáde. Kò dúró jẹ ẹran. Èmi náà rò pé ìgbéraga ni, mo sì bínú sí i. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Ìdíátù wá bi mí ní ìbéèrè rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ akérò, trotro, lọ sí Lapaz. Mo bá a láàárín àwọn páálí ọṣẹ.

"Bọ́ ẹ̀wù rẹ," mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ mí ni? Ọṣẹ kúkú wà."

"Tàjùdíìnì."

Ó wo ojú mi, ó fa aṣọ ìkélé ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ ọ. Àyà rẹ̀ ti wú díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó ní kókó kan wà lábẹ́ orí ọmú kọ̀ọ̀kan, ó le bí ekùrọ́, aṣọ lásán tó bá ti fara kàn án, omi á bọ́ lójú òun.

"Ọmú ni mo ń hù, Ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ ọdún, ká ní mo dọ̀bálẹ̀, n ò ní lè dìde láìké."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Fún ta? Kí n wí fún Bàbá láàárín èrò pé mo ti di wúńdíá? Kí n wí fún Ìdíátù? Wọ́n á fi mí kọrin ní Lapaz yìí títí n ó fi kú."

"Kí lo wá ṣe sí i?"

Ó wolẹ̀. Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu oníbàárà kan pé oògùn kan wà tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin, òun sì ti mọ èwo ni. Alẹ́ ọjọ́ ọdún gan-an ni òun ti dá a dúró. Ọjọ́ tí ó yẹ kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ti kọjá, kò lọ: bí òun kò bá lo oògùn, kí ni òun ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún? Mo fà á lọ sí ilé oògùn tó wà nítòsí, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó ti fò kọjá ibi tí ó wà kí oògùn kẹrin tó dé. Ọmọbìnrin tó wọ̀n ọ́n wo ojú rẹ̀, ó ní, "Papa, ẹ jókòó."

Mo ní, "Ṣé o rántí bí o ṣe ń gbé bàbá wa lọ wẹ̀? Ta ni yóò gbé ìwọ?"

Ó jókòó. Ó sì sunkún, láìpariwo.

Lọ́jọ́ kejì ni a dé iwájú dókítà. Akuetteh fọwọ́ kan àyà rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó ní kókó náà wà déédéé lábẹ́ orí ọmú méjèèjì, kò ní àmì jẹjẹrẹ. Ó ní oògùn náà kì í mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. A tún máa dínà fún omi-ara tí ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin, àwọn ọkùnrin kan a sì rí irú èyí.

"Ó yẹ kí n ti tẹnu mọ́ ọn fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, Papa, ẹ ò bá ti pè mí. Oògùn tí ẹ dá dúró ní bòńkẹ́lẹ́, èmi ṣì ń rò pé ó ń ṣọ́ yín."

Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ná. Nígbà tí èsì dé tí pọ̀tásíọ̀mù àti kíndìnrín dáa, ó fún un ní eplerenóònù, tí ń dínà fún àṣẹ iyọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ohun tó sọ ọ́ di ọkùnrin. Owó rẹ̀ ga. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìrora náà yóò lọ, ó ní, ṣùgbọ́n kò ní lọ lọ́jọ́ kan. Ó lè gba oṣù.

Ìfúnpá tún wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdíátù gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń bú u láti yàrá: "Èmi tí mo ti ń ṣọ́ gbogbo obìnrin Lapaz!"

Àyà kò tíì san nígbà tí a gbọ́ pé Bàbá Ọláṣẹ̀hìndé ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá, kí ó lọ kú sílé. Mo ní kí n ṣáájú lọ ṣàlàyé fún Bàbá.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá sọ ọ́, n ò ní gbé Accra mọ́."

"Bàbá ló tọ́ ọ."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

A dé Darkuman. Wọ́n ti di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá jókòó sórí àga ní ìloro, èrò yí i ká. Tàjù bọ́ bàtà. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, ó fi gbogbo àyà lé sìmẹ́ńtì. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó di ìkúùkù. Kò ké. Ó pẹ́ kí ó tó dìde, òógùn sì bo ojú rẹ̀.

Bàbá wò ó. Kò fi ìrùkẹ̀rẹ̀ kàn án.

"Ti òní nìyẹn," ó ní. "Ti ọjọ́ ọdún ńkọ́?"

Mo la ẹnu. Tàjù wò mí, mo sì pa á dé.

Tàjù tún dọ̀bálẹ̀.