Géètì tí Àáfà mi kò fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀

Àáfà tó kọ́ mi ní kéwú ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kì í ka lẹ́tà òyìnbó. Kì í ṣe pé kò kàwé o. Ìwé Lárúbáwá kún yàrá rẹ̀ débi pé àlejò kì í rí ibi jókòó. Ṣùgbọ́n A àti B, àwòrán lásán ni lójú rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo bímọ ní Kàírò, baba ní òun fúnra òun ló máa sọ ọmọ náà lórúkọ. Kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Ọkọ̀ tí wọ́n rí fún un máa gúnlẹ̀ ní Kàírò nígbà tí ìkómọ bá ku ọ̀la, ó sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Tí èyí bá já a sílẹ̀, òmíràn kò sí àfi lẹ́yìn ìkómọ.

Ọmọ rẹ̀ pè mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bàbá ò gbọ́ fóònù dáadáa mọ́. Ẹ ṣáà máa bá wọn kọ ọ́ sórí wásáàpù.” Àdéhùn wa nìyẹn: Àáfà á ya fọ́tò ohun tó bá rí, èmi á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Lárúbáwá, òun á kà á. A ti kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù wò. Níbi tí òyìnbó ti kọ ọ́ pé ìpè ìkẹyìn rè é, kí èrò yára wọlé, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ẹnì kan fẹ́ tẹni láago fún ìgbà ìkẹyìn. Àáfà wò mí, ó ní, “Ta ló fẹ́ pè mí?”

Ní Èkó, kò sí wàhálà. Wọ́n fún un ní bọ́dìn-páàsì méjì, ó ya fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀: àga, àsìkò ìwọlé, àsìkò tí ọkọ̀ máa gbéra. Nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ojú ló máa fi dá a mọ̀ lára bọ́ọ̀dù pápákọ̀. Àyè géètì, ẹnu ọ̀nà tí èrò ti ń wọ ọkọ̀, ṣófo lórí páàsì kejì. Mo sọ fún un pé bọ́ọ̀dù ìlú tó ti máa pààrọ̀ ọkọ̀ ló máa sọ ọ́.

Mo wà níbi iṣẹ́ ní Yábàá nígbà tí fọ́tò bọ́ọ̀dù náà wọlé. Mo rí Kàírò, mo rí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, mo rí géètì: A6. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́, mo sì fi kún un pé kó tún ya fọ́tò bọ́ọ̀dù náà tó bá yá, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ géètì. Ó dáhùn ní Lárúbáwá pé òun ti rí i, òun ti jókòó.

Nígbà tí àsìkò ìwọlé kù díẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ya òmíràn. Fọ́tò dé kíá. A6 náà ni. Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Aago tó wà ní igun bọ́ọ̀dù náà kò tíì sún kúrò lórí àsìkò tó wà tẹ́lẹ̀. Fọ́tò àkọ́kọ́ ni baba tún fi ránṣẹ́! Bó ṣe máa ń ṣe fún wa nílé kéwú náà nìyẹn: tí o bá ń ṣiyèméjì, kò ní mú ìwé mìíràn, ojú ìwé kan náà ló máa ṣí, á sì fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Inú bí mi. Mo kọ ọ́ pé, “Àáfà, kì í ṣe ìwé. Wàláà ni. Wọ́n lè ti fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì ti kọ òmíràn.”

Pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú ni wàláà. A máa ń fi omi fọ̀ ọ́ ká tó kọ ẹ̀kọ́ tuntun sí i. Kò bá mi jiyàn. Fọ́tò tuntun dé: B3, ìpè ìkẹyìn. Mo kọ B3 gàdàgbà, òun nìkan, mo ní kó sáré, kó fi han ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò dáhùn mọ́. Mo bá àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò mọ ohun tí mo ń sọ fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Mo ti délé kí fọ́tò kan tó wọlé. Pátákó pápákọ̀ Kàírò ni, Lárúbáwá gàdàgbà ló wà lókè. Àáfà kò kọ Lárúbáwá sábẹ́ rẹ̀. Yorùbá ló kọ, ó fi lẹ́tà kéwú kọ ọ́: “Ọmọ mi, ohun tí wọ́n kọ síbí ni Ọ̀nà Àbájáde. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ ni, bóyá o ti gbàgbé.”

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Mo dá a lóhùn bí a ṣe máa ń dá a lóhùn lórí ẹní ilé kéwú: “Mo ti gbọ́, Àáfà. Ẹ bá mi kí ìkókó.”