Fíúsì Gíríìnì Tí Wọ́n Ní Èmi Ni Mo Fi Síbẹ̀

Mo ń wọ sọ́ọ̀kì fún ọmọ mi lọ́wọ́, ó ń ká ìka ẹsẹ̀ kò kí n má baà rí i fà sókè, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Sójà nísàlẹ̀.

"Ìyá ọmọ! Sáré wá o! Èéfín ń jáde nínú mọ́tò rẹ!"

Mo kọ́kọ́ rò pé ọyẹ́ ni bàbá ń wò. Ọyẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà ki gan-an, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́ dáadáa. Mo ti lọ sítáàtì ọkọ̀, mo tan iná rẹ̀ sílẹ̀, kó máa gbóná dè wá. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ mẹ́fà láti Ìbà lọ sílé ìwé nínú bárékè Ọ̀jọ́. Tèmi ni ìkeje wọn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ni ìjókòó rẹ̀. Ká ní sọ́ọ̀kì ò fún wa ní wàhálà ni, ibẹ̀ ni ì bá ti wà.

Kí n tó dé ìsàlẹ̀, Bàbá Sójà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fi sípánà tú orí bátìrì. "Iyanrìn!" ló pariwo mọ́ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bù ú, mo ń dà á sínú ọkọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Iná náà ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti jó kápẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òsì láti iwájú dé ẹ̀yìn, fóòmù abẹ́ àga ọmọ mi sì ti yọ́. Gbogbo àgbàlá ń rùn bí ìgbà tí èèyàn sun bàtà rọ́bà.

Mo mọ̀ nípa fíúsì. Ọkùnrin kan ló kọ́ mi, ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ìyànà Ìbà. Ìlú kan náà lòun àti ọkọ mi ti wá, lápá Ọ̀yọ́. "Ìyàwó wa" ló ń pè mí, "Ẹ̀gbọ́n" ni mo ń pè é. Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ilé ìwé, ó mú mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó da fíúsì sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni tó ń fún mi ní ẹ̀pà.

"Pupa, 10. Búlúù, 15. Yẹ́lò, 20. Èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, 25. Gíríìnì, 30. Nọ́ńbà wà lórí ẹ̀. Bójú ẹ ò bá rí nọ́ńbà, wo àwọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kúkú fi èyí tó tóbi síbẹ̀ ńkọ́, kó má baà máa já?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, o fẹ́ jóná! Fíúsì kì í fún iná lágbára o, ẹ̀ṣọ́ ni. Wáyà tín-ín-rín tó lọ síná ẹ̀yìn, fíúsì 10 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Bó bá bó, tó kan irin ara ọkọ̀, iná tó pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ á ya wọ̀ ọ́. Fíúsì 10 á já, wàhálà parí. Fi 30 síbẹ̀, iná 25 á máa gba inú wáyà yẹn kọjá, fíúsì á kàn máa wò ó. Wáyà fúnra ẹ̀ lá wá di fíúsì. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lá sì ti jó." Ó na ìka sí mi. "Àwọ̀ tó o bá yọ, òun ni kó o dá padà."

Fíúsì iná ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í já léraléra. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. Ó tú búùtù, ó tú abẹ́ àga, ó lágùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó ti parí."

Lọ́sàn-án Wẹsidé, ó tún já. Mo yọ ọ́, mo rí gíríìnì. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fíúsì iná ẹ̀yìn ti tún já. Gíríìnì ni mo bá níbẹ̀ o. Ṣé gíríìnì náà ni kí n dá padà? Ọkàn mi ò balẹ̀."

Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi dé. "Dá a padà jàre. Mo mọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Kò séwu."

Mo ra gíríìnì ní Okokomaiko, mo tì í bọ ibẹ̀. Ìdérí àpótí fíúsì wà lọ́wọ́ mi báyìí, nọ́ńbà tó yẹ sì wà lára inú ẹ̀. N kò yí i wò. Ẹni tó kọ́ mi ti sọ̀rọ̀, kí ni mo tún fẹ́ máa wò?

Ní àárọ̀ Tọ́sìdé tí ọkọ̀ jó, ọkọ mi pè é, ó gun ọ̀kadà wá. Ìyá ọmọ méjì tó mú ọmọ wọn wá dúró dè mí ṣì wà nínú àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n kò wojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ fíúsì, ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí i.

"Ta ló fi gíríìnì síbẹ̀?"

"Èmi ni," mo dáhùn. Mo dúró kó sọ ìyókù.

Ó mi orí. "Ìyàwó wa. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kọ́ ẹ?" Ó yíjú sí àwọn ìyá ọmọ. "Pupa ni mo fi síbẹ̀ ní Sátidé. Ẹ wo bó ṣe fẹ́ sun ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin lẹ ní kí n dá a padà!"

"Èmi? Nígbà wo?"

Ọkọ mi wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Ojú "o tún ti gbé e dé" ni.

Mo fa fóònù yọ. Mo ṣí ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti pa á rẹ́. Àkọsílẹ̀ pé wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nìkan ló kù, ní ibi tí ìdáhùn ti wà lánàá.

N kò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Kó tó gun ọ̀kadà, kó tó mọ̀ bóyá ọmọ mi wà láàyè, ohun tó kọ́kọ́ rántí nìyẹn.

Bàbá Sójà ló ní, "Ọ̀rọ̀ tìrẹ ńkọ́? Ìyẹn náà lọ ni?"

Kò lọ. Tèmi wà lókè tiẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ohùn mi sì jáde nínú àgbàlá, tẹ̀rù-tẹ̀rù: gíríìnì ni mo bá níbẹ̀ o, ọkàn mi ò balẹ̀. Àkókò ọ̀sán àná ló wà lára rẹ̀. Bàbá yí ìdérí àpótí fíúsì, ó fi èékánná kan nọ́ńbà náà: 10.

"Ríwáyà, kí lo pa rẹ́?"

"Nẹ́tíwọọ̀kì ni, Bàbá."

"Nẹ́tíwọọ̀kì! Ṣé nẹ́tíwọọ̀kì náà ló fi gíríìnì síbẹ̀ ní Sátidé?"

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí òkúta. Ó ní òun wá ibi tí wáyà ti bó títí, òun ò rí i. Ó ní ojú ti òun láti sọ fún mi pé òun ò rí i. Òun wá fi gíríìnì síbẹ̀ kí n lè ríṣẹ́ ṣe ní Mọ́ńdè, òun á wá pè mí padà kí òun lè tún un wá. Kò pè mí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọmọ ní kí n pe òun bí ọkọ̀ bá dára. Èkejì ti wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Ọkọ mi bẹ̀ mí lálẹ́, mo sì gbà, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí ò tíì kúrò lára mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti ọmọ mi fẹsẹ̀ rìn kọjá ní Ìyànà Ìbà. Ẹ̀gbọ́n tẹ orí ba, ó ń tú wáyà ọkọ̀ kan. Ọmọ mi fa ìró mi.

"Màmi, ṣé kí n kí wọn?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo dì í mú. Mo ní, "Kí wọn, kúnlẹ̀ dáadáa, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún ẹ pé nǹkan ò séwu, kọ́kọ́ wá bi mí. Bí èmi náà bá sì ní kò séwu, tí ọkàn ẹ ò balẹ̀, ní kí n yí ìdérí ẹ̀ wò lójú ẹ."