Ẹni Tó Kọ́ Ẹ̀rọ Náà Níṣẹ́

Afínjú ni wọ́n ń pè é ní iléeṣẹ́ egbòogi náà, kò sì bínú sí orúkọ ọ̀hún. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún, bírò mẹ́ta rẹ̀ kì í kúrò lójú kan lórí tábìlì. Òun ló ń gba èèyàn síṣẹ́ láti ìgbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ìwé ẹni tó bá wá bèèrè iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ṣí i, yóò wá ọdún tí onítọ̀hún kò fi ṣiṣẹ́, bó bá ti rí àlàfo tó ju ọdún kan lọ, ó parí nìyẹn.

"Ẹni tó ti jókòó sílé tó báyẹn," a máa sọ bẹ́ẹ̀, "ṣé èmi ni màá máa lọ jí i láràárọ̀?"

Ẹnikẹ́ni kò fún un ní òfin yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, ó sì ń fi yangàn pé òun kì í wo ojú ẹnì kankan.

Nígbà tí iléeṣẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa yan àwọn tó ń wáṣẹ́, ìpinnu Afínjú láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀ kó fi kọ́ṣẹ́: àwọn tó gbà, àwọn tó kọ̀. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n yọ ibi tí wọ́n ti ń kọ ọkùnrin tàbí obìnrin kúrò, wọ́n ní ojúsàájú ti tán. Ẹ̀rọ náà kò nílò ìyẹn. Ó ti rí àlàfo. Àwọn tó bímọ àti àwọn tó tọ́jú aláìsàn ló sì máa ń ní in, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.

Iléeṣẹ́ ṣe òfin kan lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá kọ ẹnikẹ́ni. Èèyàn gbọ́dọ̀ ka ìwé náà kó tó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò" sí. Afínjú ni èèyàn yẹn. Láàárọ̀, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ kan, yóò kó gbogbo àwọn tí ẹ̀rọ ti kọ̀ pọ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Tíì náà kì í tutù.

Ó ní àbúrò obìnrin kan. Nígbà tí ìyá wọn kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́, iléeṣẹ́ mìíràn ni àbúrò yìí ti ń ṣiṣẹ́, ó ń yẹ ìgò oògùn wò bóyá ó sán. Afínjú ló pè é lórí fóònù.

"Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó o wá dúró ti màmá. Iṣẹ́ ò ní tán láyé. Tó bá yá, èmi ni màá wá òmíràn fún ẹ."

Ọdún mẹ́rin ni àbúrò fi ń yí ìyá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò. Afínjú a máa yọjú lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló máa ń dúró sí nítorí òórùn.

Ìyá wọn kú. Àbúrò kó wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n fún un ní yàrá tí wọ́n ń kó páálí sí. Nígbà tó gbọ́ pé iléeṣẹ́ egbòogi ń wá ẹni tí yóò máa yẹ ìgò wò, inú rẹ̀ dùn.

"Bùọ̀dá mi, iṣẹ́ mi gan-an nìyí!"

"Kọ̀wé ránṣẹ́. Orúkọ ọkọ ẹ tó kú lò ń jẹ́, wọn ò ní mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mò ń ṣojúsàájú."

"Ta ló máa fura? Èmi arẹwà, ẹ̀yin rèé."

Afínjú rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ni èsì dé: iléeṣẹ́ dúpẹ́, kò gbà á. Àbúrò na fóònù sí i.

"Ta ló ka ìwé mi?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ náà ò ní ọ̀gá?"

Afínjú ní kó bomi wá. Àbúrò bá kọ ẹ̀hónú sí iléeṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n kọ̀, wọ́n sì pè é wá.

Yàrá ìpàdé náà tutù, atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí àbúrò lọ́rùn tààrà. Ọ̀gá pátápátá jókòó síwájú, lọ́yà iléeṣẹ́, obìnrin kan tí kì í pariwo, jókòó lápá ọ̀tún. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Oníkọ̀ǹpútà, ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀. Afínjú kọjú sí àbúrò rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Mo dán nǹkan wò," Oníkọ̀ǹpútà sọ. "Mo da ìwé màdáámù yìí kọ, mo fi iṣẹ́ kan dí ọdún mẹ́rin yẹn. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè láàárín àwọn tó ń wáṣẹ́."

Ọ̀gá na apá. "Láti ìgbà tá a ti rà á, iye àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ ti dín kù. Ẹgbẹ̀rún ìdílé ló ń jẹun níbí. Ṣé ká wá ba ìyẹn jẹ́ torí omijé ẹnì kan? Ire tó pọ̀ jù ni mò ń wò."

"Ire àwọn wo lẹ kà?" lọ́yà bi í. "Ẹ ò gba àwọn tẹ́ ẹ kọ̀ rí, ẹ ò lè mọ bí wọn ì bá ti ṣe dáadáa tó. Àwọn tó wọlé nìkan lẹ fi ń ṣírò. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ jàre ìṣirò, èèyàn ló wá síwájú yín. Ó yẹ ká sọ ìdí fún un, kí ẹnì kan sì gbọ́ tiẹ̀."

"Òfin kan náà ni fún gbogbo wọn," Afínjú sọ. "Ìdọ́gba nìyẹn."

Oníkọ̀ǹpútà wò ó. "Ká ní ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ máa jókòó ti aláìsàn tàbí ẹlòmíràn, ṣé irú òfin yẹn lẹ máa yàn?"

Afínjú to bírò rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," àbúrò sọ, "èwo nínú yín ni n ó bínú sí?"

Ọ̀gá tọ́ka sí Oníkọ̀ǹpútà. Oníkọ̀ǹpútà ní ohun tí wọ́n fún òun lòun fi kọ́ ọ, ìpinnu Afínjú ni. Afínjú ní ọ̀gá ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó.

"Ìwé òfin wa ṣe kedere," lọ́yà sọ. "Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ló máa dáhùn." Ó kọjú sí Afínjú. "Ẹ sọ òtítọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé obìnrin yìí, tẹ́ ẹ kà á, ìdájọ́ èèyàn ni, ó dúró. Tẹ́ ẹ ò bá ṣí i, a máa dá ẹ̀rọ náà dúró, a máa pe gbogbo àwọn tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ fún padà. Iṣẹ́ tiyín náà sì lè lọ."

Àbúrò ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń dúró bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ṣì máa ṣe bí ẹ̀gbọ́n.

"Mo kà á," Afínjú wí.

"Ẹ rí ọdún mẹ́rin yẹn?" àbúrò bi í.

"Mo rí i."

"Kí lẹ rò pé mò ń ṣe nínú rẹ̀?"

"Ìwé yín ò sọ. Mo rò pé ẹ kàn jókòó sílé ni."

Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu àbúrò ì bá tú àṣírí náà, kò sọ ọ́. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ló sọ fún un, ó sì jáde.

Ọ̀gá pátápátá gbá Afínjú léjìká. "Ọkùnrin tí kì í yẹsẹ̀! Mo ti mọ̀." Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn ló ṣe ìdájọ́ náà, ó ní kí Afínjú fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé.

Nígbà tí yàrá ṣófo, Oníkọ̀ǹpútà ń ká wáyà rẹ̀. "Bá a ṣe yanjú èyí, inú ohun tí ẹ̀rọ máa tún fi kọ́ṣẹ́ ló máa lọ," ó sọ láìgbójú sókè. "Ẹ ti kà á fúnra yín, ẹ ṣì kọ̀ ọ́. Irú èyí máa ń wúwo ju àwọn tó kù lọ. Ọkàn ẹ̀rọ yẹn á túbọ̀ balẹ̀ láti máa kọ irú wọn."

"Ṣé kò ṣeé yọ?"

"Ó ṣeé yọ. Ẹ kàn sọ pé ẹ ò kà á."

"Mo ti fọwọ́ sí i," Afínjú wí, ó wo ẹnu ọ̀nà tí àbúrò rẹ̀ gbà jáde. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí pátákó ògiri, ó pa iná yàrá náà nígbà tí Oníkọ̀ǹpútà ṣì wà nínú rẹ̀.